Sẹmikólọ́nì àti kólọ́nì nínú àpilẹ̀kọ Yorùbá: níbo gan-an ni wọ́n ń wọ̀?

ÈwéOko

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ àmì ìkọ̀wé ni mo bá wá. Àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń kọ àpilẹ̀kọ lédè Yorùbá ní yunifásítì mọ ibi tí kọ́mà ń wọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí àmì ìdánudúró ń wọ̀. Àmọ́ bó bá ti kan kólọ́nì (:) àti sẹmikólọ́nì (;), bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni. Ẹ wo ìpínrọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn kọ:

"Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, Henry Townsend ni ó dá a sílẹ̀; nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn Ẹ̀gbá máa kàwé. Lára ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ ni: ìròyìn ìjọ, ìròyìn ìlú, àti ìròyìn ọjà. Ìwé ìròyìn náà kò pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà ó kógbá wọlé ní ọdún 1867."

Mo rí i pé nǹkan ò lọ geere níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni n kò lè là yé e. Ìdánwò wo ni ọmọ lè fi yẹ gbólóhùn ara rẹ̀ wò? Bí ẹ bá sì ní gbólóhùn ìdánrawò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ta wá lọ́rẹ.

Olóòtú

Ẹ jẹ́ ká mú sẹmikólọ́nì ṣáájú, torí òun ló rọrùn jù. Ọwọ́ lásán tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo ohun tó wà lápá òsì àmì náà, kí ẹ ka apá ọ̀tún nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ bo apá ọ̀tún, kí ẹ ka apá òsì. Bí ẹnì kan bá wọlé tó gbọ́ apá kan ṣoṣo yẹn, ṣé yóò gbà pé ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, àbí yóò máa retí kí ẹ parí rẹ̀? Bí apá méjèèjì bá dá dúró, sẹmikólọ́nì lè wọbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń rọ̀ dirodiro, kò lè wọbẹ̀.

Ẹ wá lò ó fún ìpínrọ̀ yẹn. "Nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn Ẹ̀gbá máa kàwé": ó ń rọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò bi yín pé, "Kí ló wá ṣe?" Nítorí náà, sẹmikólọ́nì tó wà níwájú rẹ̀ kò tọ́. Ẹ wá wo ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi kọ́mà sí lẹ́yìn "1859". "Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859" dá dúró. "Henry Townsend ni ó dá a sílẹ̀" náà dá dúró. Gbólóhùn odindi méjì nìyẹn, kọ́mà kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni sẹmikólọ́nì yẹ kó wà. Àmì méjèèjì ló lò, ńṣe ló kàn fi fìlà ẹsẹ̀, tó fi bàtà orí.

Ohun tó ń dá àṣìṣe yìí sílẹ̀ ni pé "nítorí pé" àti "nítorí náà" jọra lójú. Iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. "Nítorí pé" ń fi ìdí hàn. Ohun tó bá tẹ̀ lé e kò lè dá dúró, kò sì sí sẹmikólọ́nì níwájú rẹ̀. "Nítorí náà" ń fi àbájáde hàn. Gbólóhùn tuntun ló ń bẹ̀rẹ̀; nítorí náà, sẹmikólọ́nì tàbí àmì ìdánudúró ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀. "Síbẹ̀", "bákan náà" àti "lẹ́yìn náà" wà nínú ẹgbẹ́ "nítorí náà". "Nígbà tí", "bí ... bá", "kí ... tó" àti "bó tilẹ̀ jẹ́ pé" wà nínú ẹgbẹ́ "nítorí pé".

"Ṣùgbọ́n" àti "àmọ́" yà sọ́tọ̀. Àwọn fúnra wọn jẹ́ ìdè, kọ́mà sì ti tó wọn.

Baba_Tíṣà

Ẹ má fi gírámà dààmú àwọn ọmọ. Èémí ni gbogbo rẹ̀. Láyé ìgbà tí a ń kàwé sókè ní kíláàsì, bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nìyí: bó o bá dé ibi kọ́mà, ka ení; bó o bá dé ibi sẹmikólọ́nì, ka ení, èjì; kólọ́nì, ka dé ẹ̀ta; àmì ìdánudúró, ka dé ẹ̀rin. Ẹni tó bá mọ̀wé kà sókè yóò mọ ibi tí yóò fi í sí.

Olóòtú

Ẹ ṣeun, Bàbá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ó sì ti pẹ́ láyé. Ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí Lindley Murray gbé jáde ní 1795 sọ ohun tó fara jọ ọ́: ìdánudúró sẹmikólọ́nì jẹ́ ìlọ́po méjì ti kọ́mà, ti kólọ́nì jẹ́ ìlọ́po méjì ti sẹmikólọ́nì, ti ìparí gbólóhùn sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti kólọ́nì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò ení, èjì, ẹ̀ta ti ṣẹ̀ wá. Ó wúlò fún ẹni tó ń kà á sókè, tí àmì ti wà níwájú rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ ọ́ ni kò ràn lọ́wọ́. Ẹ ka èyí sókè: "Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá yá láti inú èdè Lárúbáwá, a rí àdúrà àti àlùbáríkà." Lẹ́yìn "Lárúbáwá", èémí gígùn ni ẹnikẹ́ni yóò mú, torí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú gùn. Bí a bá tẹ̀ lé èémí, sẹmikólọ́nì ni a ó fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ní ti" kò lè dá dúró láé, kọ́mà ló ni ibẹ̀. Èdè Yorùbá fẹ́ràn kó gbé kókó ọ̀rọ̀ síwájú báyìí, ìdí nìyẹn tí ìlànà èémí fi máa ń tan àwọn ọmọ wa jẹ.

Baba_Tíṣà

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣì máa kà á sókè o. Ẹni tí kò bá ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè kò ní mọ̀ pé gbólóhùn òun ti gùn ju okùn ọ̀gbun lọ.

Sísí_Eré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí tèmi. Eré onítàn ni mo ń kọ. Mo máa ń kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí n fi kólọ́nì sí i, kí n wá kọ ohun tó sọ. Ẹ ní kí apá òsì dá dúró. Orúkọ ènìyàn kì í ṣe gbólóhùn. Ṣé kí n yọ gbogbo kólọ́nì inú eré mi kúrò ni?

Olóòtú

Ẹ má yọ ọ̀kankan. Sẹmikólọ́nì ni mo ń sọ nípa rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, n kò tíì dé orí kólọ́nì. Bí mo bá sì dé ibẹ̀, ìpínrọ̀ àpilẹ̀kọ ni òfin náà wà fún. Kólọ́nì tó wà lẹ́yìn orúkọ òṣèré dà bí pátákó ẹnu ọ̀nà, ó kàn ń tọ́ka sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni. Irú rẹ̀ ni ti àkókò, bíi 9:30, àti ti àkọlé ìwé tó ní apá méjì. Irú rẹ̀ náà ni èyí tí ẹ ń rí láàárín ọdún àti ojú ìwé nínú ìtọ́kasí, bíi 1978: 24. Gírámà kò bá àwọn yẹn jà.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí kólọ́nì gan-an. Ìlérí ni kólọ́nì nínú ìpínrọ̀ àpilẹ̀kọ. Apá òsì ṣe ìlérí, apá ọ̀tún mú un ṣẹ. "Èdè Yorùbá ní ohùn mẹ́ta" ti dá dúró, ṣùgbọ́n ó jẹ wá ní gbèsè. A fẹ́ mọ àwọn mẹ́ta náà. Kólọ́nì ló sọ pé owó náà ń bọ̀: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹ rí i pé apá ọ̀tún kò pọn dandan kó dá dúró níbí, orúkọ lásán ni. Apá òsì ni kò gbọ́dọ̀ rọ̀.

Bí apá méjèèjì bá wá dá dúró, tí ẹ kò mọ èyí tí ẹ ó lò nínú àmì méjèèjì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ "èyíinì ni pé" síbi àmì náà. Bó bá bá a mu, kólọ́nì ni. Bí kò bá bá a mu, ẹ sọ "ẹ̀wẹ̀" sínú gbólóhùn kejì. Bí ìyẹn bá bá a mu, ọ̀rọ̀ méjì tó dọ́gba ni ẹ gbé síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, sẹmikólọ́nì ni. "A máa ń fi àmì sí ohùn òkè; ohùn àárín, ẹ̀wẹ̀, kì í sábà ní àmì." Ó bọ́ sí i. Ẹ gbìyànjú "èyíinì ni pé" níbẹ̀, ẹ ó rí i pé kò wọ̀ ọ́.

ỌmọKétu

Ẹ kú iṣẹ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, Faransé ni a fi kọ́ àwọn àmì yìí, a sì máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú kólọ́nì àti sẹmikólọ́nì. Tí mo bá ń kọ Yorùbá, ṣé kí n fi àyè yẹn sílẹ̀ ni àbí kí n máà fi í sílẹ̀?

Olóòtú

Òfin ìtẹ̀wé Faransé ni ti àyè yẹn. Àwọn ìwé Yorùbá tí wọ́n ń tẹ̀ ní Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ti Gẹ̀ẹ́sì: kò sí àyè ṣáájú, ẹyọ àyè kan lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé yunifásítì Nàìjíríà ni iṣẹ́ náà ń lọ, ẹ lẹ àmì náà mọ́ ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ Bẹ̀nẹ̀, ẹ bi olùkọ́ yín léèrè èyí tó ń gbà. Ohun tó burú ni kí ẹ dà wọ́n pọ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Tí ẹ bá fẹ́ fi àyè yẹn sílẹ̀, ẹ má tẹ àyè lásán, torí bí ìlà bá kún, àmì náà yóò dá já sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà. Nínú Microsoft Word, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Space. Àyè tí kì í jẹ́ kí ìlà já nìyẹn.

Akọ́mọlédè

Mo gbà pẹ̀lú Olóòtú títí dé ibi kan. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan "ni:" tó wà nínú ìpínrọ̀ yẹn. "Lára ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ ni: ìròyìn ìjọ ..." Àìmọye ìwé tí àwọn ọmọ ń lò ní sẹ́kọ́ńdírì ló kọ ọ́ báyìí. "Àwọn fáwẹ́lì àìránmúpè ni: a, e, ẹ, i, o, ọ, u." Ṣé gbogbo wọn ló ṣàṣìṣe?

Olóòtú

Ẹ fi ọwọ́ bo apá ọ̀tún. "Àwọn fáwẹ́lì àìránmúpè ni." Ó ń rọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ yín ṣì ń dúró. Kólọ́nì ti bẹ́ gbólóhùn náà lọ́rùn láàárín "ni" àti ohun tí "ni" ń gbé bọ̀. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tún un ṣe. Èkíní, kí a yọ kólọ́nì: "Àwọn fáwẹ́lì àìránmúpè ni a, e, ẹ, i, o, ọ àti u." Èkejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù, kí a fi iye parí apá òsì: "Èdè Yorùbá àjùmọ̀lò ní fáwẹ́lì àìránmúpè méje: a, e, ẹ, i, o, ọ àti u." Iye yẹn ń ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́ pẹ̀lú, torí bí ó bá kọ méje tó to mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ yóò rí i.

Ohun kan náà ló kan "bíi". Ẹ má kọ "bíi: Ọ̀yọ́, Ìbàdàn". "Bíi Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn" ti tó.

Akọ́mọlédè

Níbi tí mo ti fẹ́ bá yín jiyàn nìyí. Òfin pé kólọ́nì kò gbọ́dọ̀ ya ọ̀rọ̀-ìṣe kúrò lára ohun tó tẹ̀ lé e, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. "Ni" kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe lójú gbogbo onímọ̀ èdè wa. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni, àwọn mìíràn ní atọ́ka àkíyèsí-alátẹnumọ́ ni. Kí ló dé tí a ó fi ìwọ̀n ẹlòmíràn wọn ọjà wa?

Olóòtú

Àríyànjiyàn yẹn wà lóòótọ́, n kò sì ní parí rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ìdánwò ọwọ́ kò bìkítà orúkọ tí a pe "ni". Ohun tó ń béèrè ni bóyá apá òsì parí. Kò parí.

Akọ́mọlédè

Bí àwọn ohun náà bá wà ní ìsàlẹ̀ ara wọn, ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà, èmi ṣì máa fi kólọ́nì sí i lẹ́yìn "ni", torí ojú ní láti rí ibi tí yóò yà sí. Nínú ìpínrọ̀, mo gbà fún yín.

Olóòtú

Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ohun tí ẹ̀ka rẹ̀ fọwọ́ sí.

Ìpínrọ̀ ÈwéOko nìyí lẹ́yìn àtúnṣe:

"Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859; Henry Townsend ni ó dá a sílẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn Ẹ̀gbá máa kàwé. Ìròyìn oríṣi mẹ́ta wà lára ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀: ti ìjọ, ti ìlú, àti ti ọjà. Ní ọdún 1867, rògbòdìyàn lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ìwé ìròyìn náà kógbá wọlé."

Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn dáadáa, torí níbẹ̀ ni àmì ti tú àṣírí èrò. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ pé ìwé ìròyìn náà "kò pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà ó kógbá wọlé". Bí ẹ bá kàn fi sẹmikólọ́nì rọ́pò kọ́mà yẹn, gírámà yóò tọ́, ọ̀rọ̀ kò sì ní nítumọ̀. Kíkógbá wọlé kì í ṣe àbájáde àìpẹ́. Ohun kan náà ni méjèèjì. Kí ẹ tó fi sẹmikólọ́nì síwájú "nítorí náà", ẹ bi ara yín bóyá apá òsì ló bí apá ọ̀tún lóòótọ́. Níbí, ohun tó bí i ni rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì dárúkọ rẹ̀ rárá.

Gbólóhùn ìdánrawò méje rèé. Ẹ fi kólọ́nì, sẹmikólọ́nì, kọ́mà tàbí òfo sí àyè náà. Ẹ tún èyí tí kò bá ṣe é fi àmì gbà là kọ.

1. A tún àkọtọ́ Yorùbá ṣe ní ọdún 1974 __ síbẹ̀, a ṣì ń rí "aiye" dípò "ayé" nínú àwọn ìwé kan.
2. Ó ṣòro láti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà __ nítorí pé òǹkọ̀wé kò fi àmì ohùn sí i.
3. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò níbi kan __ ó ní ọ̀rọ̀ tó ń fi "u" bẹ̀rẹ̀, irú bí "ulé".
4. Àwọn èdè tí Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ ni __ Lárúbáwá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì.
5. A fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò ní Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ __ Iléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun __ àti Ìkàrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
6. Òwe sábà máa ń jẹ́ odindi gbólóhùn __ àkànlò èdè sábà máa ń jẹ́ àpólà.
7. Àkọtọ́ àtijọ́ kì í fi àmì sí gbogbo ohùn __ òǹkàwé ní láti fi òye gbé e.

ÈwéOko

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. 1, sẹmikólọ́nì. 2, òfo. 3, kólọ́nì. 4, mo yọ àmì, ó di "ni Lárúbáwá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì". 5, kọ́mà níbi méjèèjì. 6, kólọ́nì. 7 ló dà mí lójú rú.

Olóòtú

1 dé 4 tọ̀nà. Nínú 3, "èyíinì ni pé" wọ̀ ọ́ wẹ́kú.

Nínú 5, kọ́mà ti wà láàárín ìlú àti ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá tún fi kọ́mà ya ìlú kan sí èkejì, òǹkàwé tí kò mọ ilẹ̀ Yorùbá yóò ka ibi mẹ́fà dípò mẹ́ta. Ibi kan ṣoṣo nìyí tí sẹmikólọ́nì ti lè ya ohun tí kì í ṣe gbólóhùn, torí kọ́mà ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ìdí kan náà ni a fi ń lò ó nínú àkámọ́ tó ní ju òǹkọ̀wé kan lọ: orúkọ, kọ́mà, ọdún, sẹmikólọ́nì, orúkọ, kọ́mà, ọdún. Ẹ má gbàgbé pé ó gbọ́dọ̀ wà ṣáájú "àti" tó kẹ́yìn pẹ̀lú.

Nínú 6, ẹ fi "ẹ̀wẹ̀" yẹ̀ ẹ́ wò: "àkànlò èdè, ẹ̀wẹ̀, sábà máa ń jẹ́ àpólà." Ọ̀rọ̀ méjì tó dojú kọra ni. Sẹmikólọ́nì.

Baba_Tíṣà

7, kólọ́nì ni tèmi. Apá kejì ń ṣàlàyé ìyà tí apá kìíní fi jẹ òǹkàwé.

Akọ́mọlédè

Rárá o, Bàbá. Àbájáde ni, kì í ṣe àlàyé. Ẹ fi "nítorí náà" síbẹ̀, ẹ ó rí i pé ó gbà á. Sẹmikólọ́nì.

Olóòtú

Èmi náà yóò kọ sẹmikólọ́nì, ṣùgbọ́n n kò ní gé máàkì ẹni tó kọ kólọ́nì. Máàkì ẹni tó fi kọ́mà sí i ni máa gé.

Sísí_Eré

Tí mo bá kọ "Ó sọ pé", ṣé kólọ́nì ló máa tẹ̀ lé e, àbí kọ́mà?

Olóòtú

Ẹ bo apá ọ̀tún. "Ó sọ pé" ń rọ̀, torí náà n kì í fi kólọ́nì sí i. Kọ́mà ni mo ń lò, tàbí òfo bí ọ̀rọ̀ tí a fà yọ bá wọ inú gbólóhùn náà. Bí àyọlò bá gùn tó fi gba ìlà tirẹ̀, ẹ parí apá òsì kí ẹ tó fi kólọ́nì sí i: "Òǹkọ̀wé náà ṣàlàyé ìdí rẹ̀ báyìí:"

Akọ́mọlédè

Èmi ń kọ "pé:" ní tèmi o.

Olóòtú

Mo mọ̀.